Àfikún Owó Tó Fara Sin Nínú Fífi Káàdì Náírà Rajà Òkèèrè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ; bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí fún ẹni tó fi káàdì náírà ra ọjà tí a dá iye lé ní dọ́là lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó wá rí i pé owó tí báńkì yọ ju èyí tí òun ti ṣírò sílẹ̀ lọ.

Kí owó náà tó dé ọwọ́ òǹtajà, ọwọ́ mẹ́ta ló lè fi àfikún lé e: Físà tàbí Másítákáàdì, tí àmì rẹ̀ wà lára káàdì, ní iye pàṣípààrọ̀ tirẹ̀, báńkì tó fún ni ní káàdì sì lè fi owó iṣẹ́ lé e, tàbí kó pò ó mọ́ iye pàṣípààrọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ dá, tí oníbàárà kò fi ní rí i lọ́tọ̀.

Ọwọ́ kẹta ni ó ṣòro jù láti fura sí. Bí a bá fẹ́ sanwó tán, ojú ìwé ìsanwó lè béèrè bóyá USD ni a ó san tàbí NGN. Èyí a sì dà bí oore, nítorí iye náírà hàn gbangba níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yan NGN ti fi iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ lé òǹtajà tàbí alágbàtà rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn ni yóò sì dá iye, pẹ̀lú èrè tiwọn nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìwé olówó 100 dọ́là ṣe àpẹẹrẹ. Bí dọ́là kan bá jẹ́ 1,500 náírà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ káàdì, tí báńkì sì fi ìdá 3 nínú 100 lé e, ẹni tó yan USD yóò san 154,500 náírà. Bí alágbàtà bá ṣẹ́ dọ́là náà ní 1,590, ẹni tó yan NGN yóò rí 159,000. Nítorí pé òkèèrè ni òǹtajà wà, báńkì kan náà lè tún gba ìdá 3 tirẹ̀ lórí èyí, tí gbogbo rẹ̀ yóò fi di 163,770. Àfikún ti gun orí àfikún nìyẹn.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ pín iye náírà tí wọ́n kọ fún yín sí iye dọ́là ọjà náà, kí ẹ sì fi èsì rẹ̀ wé iye ọjọ́ náà tí Físà àti Másítákáàdì ń gbé jáde lórí ìkànnì wọn. Bí ó bá ga ju iye náà lọ, tí báńkì sì ń gba owó tirẹ̀ lórí méjèèjì, USD ni kí ẹ yàn. Kódà nígbà náà, iye tí báńkì kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ lè yí padà, nítorí ọjọ́ tí òǹtajà béèrè owó rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe ìṣirò ìkẹyìn, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìrajà.