Akáńtáǹtì Tó Fẹ́ Padà Sẹ́nu Iṣẹ́

Ká ní obìnrin kan ń tọ́jú ìwé owó fún iléeṣẹ́ kan n'Íkẹjà, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 2012 kó lè tọ́mọ. Àwọn ọmọ ti dàgbà, òun náà ti lé lógójì ọdún, ó wá fẹ́ padà. Ẹ̀rù ń bà á pé gbogbo ohun tóun mọ̀ ti di ti àtijọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí wọ́n ṣe ń kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde kò yí padà. Iye tí òfin ní kí wọ́n máa yọ ló yí padà, kò sì pọ̀ jù ohun tí èèyàn lè kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ wo fíàtì, owó orí ọjà. Nígbà tó kúrò, náírà márùn-ún ni lórí ọgọ́rùn-ún. Láti oṣù Kejì 2020, ó ti di 7.5. Lórí ọjà ₦200,000, ₦10,000 ni ì bá kọ tẹ́lẹ̀, ₦15,000 ni báyìí. Bó bá kọ iye àtijọ́, àpò iléeṣẹ́ ni ₦5,000 yẹn yóò ti jáde. Owó ìfẹ̀yìntì náà yí padà ní 2014: òṣìṣẹ́ ń dá 8 lórí ọgọ́rùn-ún, agbanisíṣẹ́ ń fi 10 kún un.

Kó tó wá iṣẹ́, kó gba sítétímẹ́ǹtì oṣù kan ní báńkì rẹ̀, kó kọ owó inú rẹ̀ sínú Excel, kó sì wá ìdí tí tiẹ̀ àti ti báńkì kò fi bára mu: owó tí báńkì yọ fún tíráńsífà, tàbí owó póòsì tó wọlé lọ́jọ́ kejì. Bó bá bára mu dé kọ́bọ̀, kó tẹ̀ ẹ́ jáde, kó mú un lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìwé yìí á jẹ́rìí ju ẹnu lọ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ló le jù, mo sì gbà pé kì í ṣe agbára ara ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń rò. Ọ̀gá tó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún ń bẹ̀rù pé òun ò ní lè rán àgbà níṣẹ́, tàbí kí òun sọ fún un pé ó ṣìṣe. Kò ní bi í léèrè, nítorí ìtìjú. Kí obìnrin yìí fúnra rẹ̀ dá a sílẹ̀: “Ọ̀gá, ẹ máa rán mi níṣẹ́ bí ẹ ṣe ń rán àwọn yòókù. Bí mo bá ṣìṣe, ẹ sọ fún mi lójú ẹsẹ̀.”

Ìkéde iṣẹ́ tó ní àwọn kò fẹ́ ẹni tó ju ọdún 28 lọ, kó fi í sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ilé ìwòsàn àti àwọn oníṣòwò tí ìwé wọn ti dàrú ni kó lọ bá. Kó má sì dín ọjọ́ orí kù o. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà lára NIN, ibẹ̀ ni wọn yóò ti rí i nígbà tí wọ́n bá ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún owó ìfẹ̀yìntì.