Ìpolówó Iṣẹ́ Tí Kò Sojú Abẹ Níkòó

Ẹ̀yin ará, bí ẹgbẹ́ tàbí ìjọ yín bá fẹ́ gba òṣìṣẹ́ nílùú Ọba níbí, ẹ wo ìpolówó yìí ná. Àpẹẹrẹ ni, àmọ́ irú rẹ̀ wọ́pọ̀:

“A ń wá ọ̀dọ́bìnrin ọmọ Yorùbá tó lágbára, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, láti máa ran àwọn àgbà wa lọ́wọ́. Owó rẹ̀ dára. Ẹ rí akọ̀wé.”

Iṣẹ́ wo gan-an ni? Àfi ẹni tó bá sún mọ́ akọ̀wé ló máa mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Òfin Ìdọ́gba ti ọdún 2010 kì í sábà gbà kí èèyàn fi ọjọ́ orí, jíjẹ́ obìnrin tàbí ẹ̀yà yan òṣìṣẹ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà níbẹ̀ yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ẹ tó ro ti ẹni tó máa ṣe é. Ẹ bi ẹni tó ń ṣe é lọ́wọ́lọ́wọ́. Ká ní ó ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àgbà 25 ni, ó ń ra ọjà, ó sì ń kọ ohun tó ná sílẹ̀. Nígbà náà, “lágbára” di kíkó ọjà wọ ilé ìdáná. Bí kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù bá wà, ẹ sọ ọ́. “Gẹ̀ẹ́sì dáadáa” di kíka ohun tí wọ́n kọ sára páálí oúnjẹ, torí àwọn tí ẹ̀pà tàbí wàrà kò bá lára mu. Kò kan bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

“Ọmọ Yorùbá” ńkọ́? Bí àwọn kan nínú àwọn àgbà kò bá gbọ́ èdè mìíràn, ẹ béèrè èdè, ẹ má béèrè ìran. Ará Ẹdó tó dàgbà sí Ìbàdàn lè ṣe é. Ìwé ẹ̀rí ìmọ́tótó oúnjẹ náà, òfin kò ní dandan kó ti ní in. Ẹ lè kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́.

Ó wá di báyìí:

“Alásè fún oúnjẹ ọ̀sán àwọn àgbà 25. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago 9 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán. Pọ́n-ùn 14 ní wákàtí kan. Dandan: ó ti se oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ èèyàn rí, nílé ayẹyẹ tàbí níbi iṣẹ́, níbikíbi láyé, ó lè sọ Yorùbá, ó lè ka páálí oúnjẹ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ẹ̀rí ìmọ́tótó: a ó kọ́ ọ. Ẹ kún fọ́ọ̀mù kó tó di ọjọ́ 14 oṣù yìí. Èèyàn méjì ni yóò kà á. Àwọn tí a bá pè yóò dáhùn ìbéèrè márùn-ún kan náà, wọn yóò sì se oúnjẹ kan. Àwa la ó ra èlò.”

Kí àwọn méjèèjì fún oníkálukú ní máàkì lórí ohun dandan kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ṣáájú, ti ẹni tó bá kọ́kọ́ lanu ni wọ́n máa ń tẹ̀ lé. Ẹ tọ́jú máàkì náà, torí ẹni tí kò rí iṣẹ́ gbà lè béèrè ìdí. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ ṣíṣe ńkọ́? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá fẹ́ gbà kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́, títí kan ẹni tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù.