Lẹ́tà Líìfù Tí Kò Ní Ni Ọ̀gá Lára

Ní ìparí oṣù Kọkànlá, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní agbègbè Ìdó-Òsì mú lẹ́tà lọ bá mátíróònù wọ́ọ̀dù rẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, ti papò dà. Ẹbí ti fi ìsìnkú sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá. Lẹ́tà náà kò gùn. Ó ní ìyá àgbà òun ti kú, pé ọ̀fọ̀ ńlá ló ṣẹ òun, àti pé òun ń bẹ̀bẹ̀ fún líìfù ọ̀sẹ̀ kan láti lọ sin òkú náà.

Mátíróònù kà á, ó kẹ́dùn, ó sì dá a padà. Ó ní, "Sístà, Ọlọ́run yóò tù yín nínú o. Ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá lo ń sọ yìí. Jẹ́ kí n rò ó wò ná."

Gbogbo ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rí ló mọ ìtumọ̀ "jẹ́ kí n rò ó wò". Ọ̀rẹ́ mi pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ẹkún. Ó ní obìnrin náà kò láàánú. Èmi náà kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí a jókòó tí a sì fi ojú mátíróònù wo ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà náà ni a rí i pé kì í ṣe àánú ni lẹ́tà yẹn kò rí gbà. Iṣẹ́ ni ó gbé lé ọ̀gá lọ́wọ́, láìfi nǹkan kan ràn án lọ́wọ́.

Ẹ wo ìṣirò tó wà níwájú mátíróònù. Nọ́ọ̀sì méjìlá ló wà ní wọ́ọ̀dù náà. Mẹ́ta nínú wọn ti gba líìfù oṣù Kejìlá tipẹ́, ó wá ku mẹ́sàn-án. Ṣíìfù mẹ́ta ló wà lójúmọ́, ti òwúrọ̀, ti ọ̀sán àti ti òru, nọ́ọ̀sì méjì ni kò sì gbọ́dọ̀ má sí lẹ́nu iṣẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé ènìyàn mẹ́fà ni wọ́ọ̀dù ń fẹ́ lójúmọ́, tí í ṣe 42 lọ́sẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, 45 ni wọn yóò ṣe. Ẹyọ mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù sílẹ̀, fún ẹni tí ibà bá mú tàbí tí ọmọ rẹ̀ bá ṣàìsàn.

Bí ọ̀rẹ́ mi bá lọ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún ni yóò yọ kúrò nínú 45. Yóò ku 40, bẹ́ẹ̀ 42 ni wọ́ọ̀dù nílò. Ṣíìfù méjì yóò wà tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo yóò dá nìkan tọ́jú gbogbo aláìsàn. Kò sí mátíróònù tí yóò fi tìfẹ́tìfẹ́ fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ọ̀fọ̀ náà dùn ún tó. Ìdí nìyí tí ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó ń wá líìfù lásìkò iṣẹ́ ṣe fi jẹ́ pé kó ka ohun tí àìsí rẹ̀ yóò bù kúrò nínú iṣẹ́, kí ọ̀gá tó kà á fún un.

A wá béèrè lọ́wọ́ ara wa pé, ọjọ́ mélòó gan-an ni ìsìnkú yìí ń fẹ́? "Ọ̀sẹ̀ kan" ni ẹnu máa ń sọ, ṣùgbọ́n ètò ìsìnkú ní ọjọ́ tirẹ̀. Àìsùn yóò wáyé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Bọ̀, ìsìnkú àti ìnáwó yóò jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì yóò sì wà ní ọjọ́ Àìkú. Ìdó sí Ìkọ̀lé kì í ṣe ìrìn àjò tí ènìyàn ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún: ènìyàn yóò kàn gba Ọ̀yẹ́ kọjá ni. Ọ̀rẹ́ mi sì ní ọjọ́ ọ́ọ̀fù méjì lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ọ́ọ̀fù ọ̀sẹ̀ náà bá bọ́ sí Àbámẹ́ta àti Àìkú, ọjọ́ méjì péré ni líìfù tó kù láti tọrọ, ìyẹn Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì. Bí 45 bá fi méjì dín, yóò ku 43. Wọ́ọ̀dù rí 42 rẹ̀, ẹyọ kan sì tún ṣẹ́ kù.

Ẹyọ kan kò tó fi ọkàn balẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀rẹ́ mi fi lọ bá ẹnì kejì rẹ̀ kan ní wọ́ọ̀dù, ẹni tí ọ́ọ̀fù rẹ̀ lè bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì yẹn. Ó bẹ̀ ẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣàìsàn lọ́jọ́ méjèèjì, kó jọ̀wọ́ jẹ́ kí wọ́n pe òun. Òun náà yóò bá a ṣe ṣíìfù òwúrọ̀ ọjọ́ 26, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì kì í fẹ́ ṣe. Ìyẹn gbà. Ó tún kù ọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, tó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ mi ló máa ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ó pinnu pé òun yóò kà á ní ọjọ́rú, ọjọ́ 10, kí òun sì fi àkọsílẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ lé mátíróònù lọ́wọ́.

Ẹ̀yìn èyí ni ó tó kọ lẹ́tà tuntun. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Mà, mo ń tọrọ líìfù ọjọ́ méjì, Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 11 àti ọjọ́ Ẹtì ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá. Mo sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ọ́ọ̀fù mi lọ́sẹ̀ náà bọ́ sí ọjọ́ 13 àti 14. N ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ṣíìfù ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 15.

"Ènìyàn méjì méjì yóò ṣì wà ní ṣíìfù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣàìsàn lọ́jọ́ méjèèjì, ẹnì kejì mi tó fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí ti gbà kí ẹ pe òun, èmi yóò sì ṣe ṣíìfù òwúrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 26. N ó ka kọ́bọ́ọ̀dù oògùn ní ọjọ́ 10, n ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé yín lọ́wọ́.

"Ìsìnkú ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Ìkọ̀lé. Bí Ọjọ́bọ̀ kò bá ṣeé ṣe, mo lè ṣe ṣíìfù òwúrọ̀ ọjọ́ náà kí n tó lọ, kí líìfù mi jẹ́ ọjọ́ Ẹtì nìkan."

Ẹ kíyè sí bí àwọn gbólóhùn náà ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Ohun tí a ń tọrọ àti ọjọ́ rẹ̀ ló ṣáájú, nítorí ohun tí ọ̀gá yóò kọ sínú rósítà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló tẹ̀lé e, nítorí ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù ọ̀gá wà. Ìdí tí a fi ń lọ kò ju gbólóhùn kan lọ. Òótọ́ ni, ó sì tó. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, ẹ̀dùn ọkàn ló kún inú ìwé, tí ọ̀gá sì ní láti fúnra rẹ̀ wá ọjọ́ àti ìṣirò. Gbólóhùn tó kẹ́yìn tún ṣe pàtàkì: ó fún mátíróònù ní ọ̀nà méjì láti gbà fún un, dípò kó yàn láàárín "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá". Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ ohun tí ẹ kò lè fara mọ́ síbẹ̀, nítorí òun gan-an ni ọ̀gá lè mú.

Àkókò tí ó mú un lọ náà yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù ni mátíróònù máa ń to rósítà oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi yára dé ibẹ̀ kí rósítà tó jáde, nítorí yíyí ohun tí a ti lẹ̀ mọ́ ògiri padà yóò kan ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò lọ láàárọ̀ nígbà tí àwọn dókítà ń yí wọ́ọ̀dù ká. Ó dúró di ìgbà tí ṣíìfù ọ̀sán gba iṣẹ́, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Mà, mo ti tún ọ̀rọ̀ ọjọ́sí rò. Ọjọ́ méjì péré ni mo fẹ́, mo sì ti kọ bí iṣẹ́ yóò ṣe lọ." Ìgbà yẹn ni ó tó na lẹ́tà sí i. Ọ̀rọ̀ rere níí yọ obì lápò, àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́.

Bí kì í bá ṣe ilé ìwòsàn ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí ẹ óò kà ni yóò yàtọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ọdún 2011, ìbáà jẹ́ ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní ọgbà rẹ̀ tó wà ní Ìkọ̀lé, kì í ka ṣíìfù lásìkò ìdánwò. Ọjọ́ tí máàkì gbọ́dọ̀ wọlé ni yóò wò. Lẹ́tà tirẹ̀ yóò sọ iye ìwé tí òun yóò ti parí kí òun tó lọ, ẹni tí èyí tó kù wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti iye ọjọ́ tí yóò ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí òun bá padà dé.

Ọ̀nà mẹ́ta wà tí irú ètò yìí máa ń gbà bàjẹ́. Èkínní ni kí a kọ orúkọ ẹlòmíràn sílẹ̀ láìtíì bá a sọ̀rọ̀. Bí ọ̀gá bá pè é tó ní òun kò mọ̀ nípa rẹ̀, lẹ́tà náà ti kú. Èkejì ni iye ọjọ́. Ibi iṣẹ́ kan máa ń ka ọjọ́ iṣẹ́ nìkan, òmíràn a sì ka Àbámẹ́ta àti Àìkú mọ́ ọn, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ óò padà sílẹ̀ kedere. Ẹ̀kẹta ni pé kí a gba "kò burú" ẹnu kí a sì máa lọ. Ọ̀gá lè gbàgbé, wọ́n sì lè gbé e lọ sí ibòmíràn. Ẹ dúró gba ìwé tí a fọwọ́ sí, kí ẹ tó sọ fún ẹbí pé ẹ ń bọ̀.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí òfin sọ pẹ̀lú. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní abala 18, fún òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù méjìlá lẹ́nu iṣẹ́ ní ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà fún ìsinmi pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n òfin náà kò ka àwọn alábòójútó àti àwọn tí iṣẹ́ wọn gba ìmọ̀ àkànṣe mọ́ ọn. Ìwé ìgbàsíṣẹ́ tàbí ìlànà ibi iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n wò. Ẹ mọ iye ọjọ́ tó kù fún yín kí ẹ tó kọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ má fi òfin bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Ẹ̀tọ́ sí ìsinmi kò sọ pé ọ̀sẹ̀ tó wù yín gan-an ni yóò bọ́ sí.

Bí ọ̀gá bá ṣì kọ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, ìbéèrè kan ló kù: "Mà, ọjọ́ wo gan-an ló nira níbẹ̀?" Ìdáhùn rẹ̀ yóò fi hàn bóyá ṣíìfù kan péré ni ìṣòro náà, tí a sì lè tún un ṣe, tàbí kò sí ọ̀nà rárá.

Mátíróònù ọ̀rẹ́ mi ka lẹ́tà kejì lẹ́ẹ̀mejì. Ó béèrè bóyá òótọ́ ni ẹnì kejì rẹ̀ ti gbà, ó pe ìyẹn wọlé, ìyẹn sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fa rósítà tí ó ń tò lọ́wọ́ jáde, ó kọ líìfù sí ọjọ́ 11 àti 12 níwájú orúkọ ọ̀rẹ́ mi, ó sì kọ ṣíìfù òwúrọ̀ ọjọ́ 26 sí i pẹ̀lú.