Kíkọ Ìwé Atọ́nà fún Fífi Páánẹ́lì Sólà Sórí Òrùlé

Ẹni tó ń fi páánẹ́lì sólà sórí òrùlé kì í sábà jókòó ka ìwé atọ́nà tán kó tó gun àkàbà. Á ka ìlà kan, á lọ ṣe é, á tún padà wá wo èyí tó kàn. Bí ìlà kẹfà bá ní kí ó so wáyà páánẹ́lì mọ́ ínfátà, tí ìlà keje ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń sọ pé kí ó kọ́kọ́ pa bírékà, ọwọ́ rẹ̀ á ti kan wáyà kó tó dé ibi ìkìlọ̀. Ìkìlọ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú iṣẹ́, ojú ìwé kan náà sì ni kí àwọn méjèèjì wà.

Ìkìlọ̀ tó péye ń sọ ohun tó léwu, ohun tó lè fà, àti ohun tí ẹni náà yóò ṣe. “Ṣọ́ra fún iná” kò kún tó. Iṣẹ́ iná inú ilé ti mọ́ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná lára débi pé bí wọ́n bá ti pa súìṣì, wọ́n gbà pé wáyà ti kú. Ti páánẹ́lì kò rí bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń bà á, iná wà lẹ́nu wáyà rẹ̀, kò sì sí súìṣì lára rẹ̀ tí a lè pa.

Iná rẹ̀ tún yàtọ̀ sí ti NẸ́PÀ. Iná NẸ́PÀ ń lọ, ó ń bọ̀, ó sì ń kan òdo ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó bá ta nígbà tí a yọ wáyà, ó sábà máa ń tètè kú. Iná páánẹ́lì kì í sinmi. Bí a bá fa ẹnu wáyà rẹ̀ yọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, iná lè máa jó láàárín ẹnu méjèèjì, kí ó yọ́ rọ́bà, kí ó sì jó ọwọ́ tàbí òrùlé. Ìkìlọ̀ tó yẹ nìyí: “EWU. Iná wà lẹ́nu wáyà yìí ní gbogbo ọ̀sán. Bí o bá yọ ọ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ó lè jó ọ. Pa bírékà páánẹ́lì kí o tó fọwọ́ kàn án.”

Ti orí òrùlé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí ìwé sọ pé ibi tí ìṣó páànù wà ni kí ẹsẹ̀ máa tẹ̀, nítorí abẹ́ ibẹ̀ ni igi wà, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gun òrùlé tó tutù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, gúúsù ni páánẹ́lì yẹ kí ó kọjú sí. Kí ó dagun díẹ̀, ní nǹkan bí ìwọ̀n 10 sí 15, kí òjò lè máa fọ eruku kúrò lójú rẹ̀.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn ni ọ̀pọ̀ ìwé atọ́nà ti ń kùnà. Wọ́n á kọ ọ́ pé “Rí i dájú pé gbogbo rẹ̀ dára,” wọn kò sì ní sọ bí a ṣe ń mọ̀ pé ó dára. Nọ́ńbà ni àyẹ̀wò nílò, a sì gbọ́dọ̀ ti ṣírò rẹ̀ kí mítà tó jáde. Ká ní páánẹ́lì mẹ́fà ni a so tẹ̀léra, tí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan sì sọ pé fólítì 49.5 ni agbára rẹ̀ nígbà tí a kò so nǹkan mọ́ ọn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 297. Ṣùgbọ́n inú ìtutù ìwọ̀n 25 ni wọ́n ti wọn nọ́ńbà yẹn. Bí páánẹ́lì bá gbóná, fólítì rẹ̀ ń dín kù. Bí ó bá tutù, ó ń pọ̀ sí i. Lọ́sàn-án gangan, tí páánẹ́lì bá gbóná dé ìwọ̀n 60, àpapọ̀ náà lè já sí nǹkan bí 268. Ní òwúrọ̀ ọ̀yẹ́, ó lè lé ní 300. Èyí tó pọ̀ jù yìí ni kò gbọdọ̀ kọjá iye tí ínfátà lè gbà.

Bí mítà bá wá sọ 223 lọ́sàn-án, páánẹ́lì kan ni kò sí nínú ìsopọ̀. Bí ó bá sọ 178, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti so ọ̀kan sódì, tí òun náà wá ń jẹ nínú ti ẹlòmíràn. Bí àmì ìyọkúrò bá yọ níwájú nọ́ńbà, wáyà méjèèjì ti gba ipò ara wọn, bíríkà kò sì gbọdọ̀ tàn títí tí wọn yóò fi tún un ṣe. Kí ìwé kọ gbogbo èyí sílẹ̀, kí ó sì wọn wáyà ilẹ̀ pẹ̀lú: láti fírémù páánẹ́lì dé irin tí a rì mọ́lẹ̀, ohun tó súnmọ́ òdo ni mítà tó ń wọn ìdènà iná yẹ kó fi hàn.

Lẹ́yìn èyí ni ìtanná. Ọ̀pọ̀ ínfátà ń fẹ́ kí bátìrì ṣáájú, kí páánẹ́lì tẹ̀ lé e, kí ẹrù ilé sì kẹ́yìn; ohun tí ẹni tó ṣe ínfátà náà kọ ló gbọ́dọ̀ borí. Níwájú nọ́ńbà tí a retí, kí ìwé fi àyè sílẹ̀ fún nọ́ńbà tí mítà sọ, ọjọ́, wákàtí àti bí ojú ọ̀run ṣe rí. Ojú ìwé yìí ni kí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfátà, kí oníṣẹ́ iná tó bá wá wá àléébù lọ́jọ́ iwájú lè fi nọ́ńbà tirẹ̀ wé e.