Fọ́ọ̀mù DS-160: Ibi Tí Sikirinṣọ́ọ̀tì Ti Ń Ṣi Ọjọ́ Ìbí àti Àdírẹ́sì Kọ

Ní Agbowó, nítòsí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn kafé wà tí wọ́n ti ń bá èèyàn kún fọ́ọ̀mù físà. Bí iṣẹ́ náà ṣe sábà máa ń lọ nìyí: ọmọ tó wà ní Amẹ́ríkà á kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ sórí fóònù, á ya sikirinṣọ́ọ̀tì rẹ̀, á sì fi í ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà á wá máa wò ó tẹ̀. Fọ́ọ̀mù ọ̀hún ni DS-160, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ físà láti lọ fúngbà díẹ̀. Orí `ceac.state.gov` ni wọ́n ti ń kún un.

Ohun tí ọmọ kọ ló wà nínú sikirinṣọ́ọ̀tì. Pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n máa fi yẹ fọ́ọ̀mù wò. Ìyẹn ló fi yẹ kí pásípọ́ọ̀tù wà ní ṣíṣí lórí tábìlì kí wọ́n tó tẹ lẹ́tà kan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọjọ́ ìbí. Ká sọ pé ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1958 ni wọ́n bí màmá. Ọmọ tó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà á kọ 07/04/1958, torí pé oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú ọjọ́ lọ́hùn-ún. Ẹni tó kàwé ní Ìbàdàn á kà á sí ọjọ́ 7 oṣù kẹrin. Ká ní ọjọ́ 25 ni, àṣìṣe náà ì bá hàn lójú ẹsẹ̀, nítorí kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọjọ́ 1 sí 12 ló léwu, torí pé ọ̀nà méjèèjì ló bọ́gbọ́n mu, fọ́ọ̀mù ò sì ní kọ̀ ọ́.

DS-160 fúnra rẹ̀ ò rújú: àpótí ọjọ́ wà lọ́tọ̀, oṣù wà lọ́tọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́ta bíi `JUL`, ọdún náà wà lọ́tọ̀. Láti mọ èyí tó jóòótọ́, ẹ wo ìlà kejì nínú ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé tí fọ́tò wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Lẹ́yìn `NGA`, ọjọ́ ìbí màmá yìí á rí báyìí:

```
NGA5807042F
```

Ọdún ló ṣáájú, 58; oṣù tẹ̀lé e, 07; ọjọ́ ló kẹ́yìn, 04. Nọ́ńbà 2 tó tẹ̀lé wọn jẹ́ ti àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ ń ṣe, `F` sì dúró fún obìnrin. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń tò ó nínú pásípọ́ọ̀tù gbogbo orílẹ̀-èdè, kò sì sẹ́ni tó lè kà á sódì. Ẹ má ṣe gbé ọjọ́ látinú fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà mìíràn wá síbẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò: I-765, fún àpẹẹrẹ, ń fẹ́ kí oṣù ṣáájú.

Àdírẹ́sì ló kàn. Ní Ìbàdàn, àdúgbò la sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ: Bódìjà, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ilé kẹjọ. Fọ́ọ̀mù ń fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ látorí ilé. Nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà ló ń lọ sí `Street Address (Line 1)`, Bódìjà ń lọ sí `Line 2`. `IBADAN` ni `City`, `OYO` ni `State/Province`. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fi Bódìjà sí `City`, kí Ìbàdàn wá di ìpínlẹ̀. Fọ́ọ̀mù ò mọ̀ pé irọ́ ni, ó máa gbà á bẹ́ẹ̀.

Nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ tiwa jẹ́ mẹ́fà, ti Amẹ́ríkà jẹ́ márùn-ún. Bí ẹ kò bá mọ ti àdúgbò yín, ẹ mú `Does Not Apply`. Ẹ má fi ti ọmọ tó wà ní Houston dípò rẹ̀. Ojú ewé mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń béèrè ilé tí ẹ máa dé sí, ni tiẹ̀ wà.

Fọ́ọ̀mù náà máa béèrè bóyá ẹnikẹ́ni bá yín kún un. Bí ẹni tó wà ní kafé bá ṣe é, `Yes` ni ìdáhùn, kí orúkọ rẹ̀ sì wọlé. Màmá fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnì `Sign and Submit`, kódà bí ẹlòmíì bá bá a kọ gbogbo ìyókù.

Kí ó tó tẹ̀ ẹ́, ẹ ka gbogbo ìdáhùn padà pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́. Bó bá ti lọ, kò ṣeé tún ṣe mọ́. Fọ́ọ̀mù tuntun ni, pẹ̀lú nọ́ńbà `AA00` tuntun. Láti ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2025, Amẹ́ríkà ti sọ fún àwọn tó ń gba físà ní Àbújá àti Èkó pé nọ́ńbà yìí gbọ́dọ̀ bá èyí tí wọ́n fi gba ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mu. Nítorí náà, ẹni tó bá tún fọ́ọ̀mù kún gbọ́dọ̀ pààrọ̀ nọ́ńbà níbẹ̀ náà kó tó wọkọ̀ lọ sí Èkó.