Téèpù, péésìtì àti òrùka: ohun tó ń dá omi dúró lójú ìsopọ̀ páìpù

Tírẹ́ẹ̀dì tó ń tín-ín-rín lọ sí ẹnu ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ sí orí páìpù irin tó ń gbé omi. Ìwọ̀n bó ṣe ń tín-ín-rín dọ́gba nínú ìlànà Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà: bí a bá fi mìlímítà 16 rìn síwájú lára tírẹ́ẹ̀dì náà, yóò ti fi mìlímítà 1 tín-ín-rín sí i. Nítorí náà, bí tírẹ́ẹ̀dì akọ bá ṣe ń wọnú abo, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fún sí i, títí yóò fi há gádígádí.

Híhá yẹn nìkan kò tó láti dá omi dúró. Tírẹ́ẹ̀dì ní ṣóńṣó, ó sì ní kòtò. Ṣóńṣó akọ ń wọ kòtò abo, ẹ̀gbẹ́ wọn sì ń kanra, àmọ́ àlàfo tíńtín a máa ṣẹ́kù láàárín orí ṣóńṣó àti ìsàlẹ̀ kòtò. Àlàfo náà yí po bí tírẹ́ẹ̀dì ṣe yí po, láti inú páìpù títí dé ìta. Omi tó ń ti táńkì òkè bọ̀ wálẹ̀ yóò tọ ọ̀nà yẹn jáde. Dídí àlàfo yìí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí téèpù àti péésìtì ń ṣe. Èkejì ni pé wọ́n ń mú kí ojú irin yọ̀, kí akọ lè wọlé jìnnà láìjẹ́ pé irin fa irin ya.

Téèpù funfun tí àwọn plọ́mbà ń wé mọ́ tírẹ́ẹ̀dì kò ní gọ́ọ̀mù lára. Téfílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ṣe é, ohun kan náà tí wọ́n fi ń bo inú páànù ìdáná tí ẹyin kì í lẹ̀ mọ́. Kì í so páìpù pọ̀. Ṣe ni tírẹ́ẹ̀dì méjèèjì ń tẹ̀ ẹ́ wọnú àlàfo. A máa kọ́kọ́ nu tírẹ́ẹ̀dì akọ kó gbẹ, kó sì mọ́ tónítóní. A ó wá kọjú ẹnu rẹ̀ sí ara wa, kí a sì wé téèpù náà bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, kí a máa fà á le díẹ̀ kó lè wọ inú kòtò. Bí a bá wé e sí òdìkejì, yóò tú, yóò sì ká jọ síta nígbà tí a bá ń dè é. Fún páìpù ìdajì ínṣì, yíyípo mẹ́ta sí márùn-ún tó bí téèpù náà bá fẹ́lẹ́. A ó fi ṣóńṣó àkọ́kọ́ ní ẹnu sílẹ̀ lásán, kí akọ lè bá abo mu dáadáa, kí jálajàla téèpù má sì bọ́ sínú omi lọ dí ẹnu ẹ̀rọ.

Péésìtì jẹ́ ohun tó ki, tí a ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré pa sára tírẹ́ẹ̀dì akọ. Ó wúlò jù níbi tí tírẹ́ẹ̀dì bá ti gbó tàbí tí ojú rẹ̀ rí ṣákaṣàka, torí ó lè wọ ibi tí téèpù yóò ré kọjá. Ó tún dára fún páìpù irin ńlá, tí téèpù lè fà ya lára rẹ̀ nígbà tí a bá ń fi sípánà dè é. Èyí tí kì í gan nínú rẹ̀ ní àǹfààní mìíràn: bí a bá fẹ́ dá ẹ́líbò padà díẹ̀ kó lè kọjú síbi tó yẹ, ó lè má jo. Téèpù kì í sábà gba irú ìyẹn. Bí a bá ti dá a padà, ó ti ya nínú, a ó ní láti tú u, kí a nu ún, kí a sì wé òmíràn. Péésìtì yìí yàtọ̀ pátápátá sí gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ páìpù oníke. Gọ́ọ̀mù ń yọ́ ojú ike kí méjèèjì lè di ọ̀kan. Kò ní iṣẹ́ kankan lójú tírẹ́ẹ̀dì.

Bí abo bá jẹ́ oníke, téèpù ló dára jù, ó sì gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. Téèpù tó pọ̀ ń sọ akọ di ńlá, yíyọ̀ rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ọwọ́ tètè mọ̀ pé ó ti há. Ẹni tó ń dè é yóò máa tì í lọ títí ike yóò fi là. Ní ti péésìtì, àwọn kan ní èròjà tó ń ba ike jẹ́, nítorí náà ara agolo rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ pé ó wà fún ike àti fún omi mímu.

Ibì kan tún wà tí tírẹ́ẹ̀dì wà, síbẹ̀ tí kò nílò ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìyẹn ni ìsopọ̀ kọmpúrẹ́ṣàn, tó wọ́pọ̀ lára páìpù bàbà. Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ara ìsopọ̀ náà, nọ́ọ̀tù, àti òrùka idẹ tàbí bàbà kékeré tí a fi bọ páìpù. Bí a bá ń dè nọ́ọ̀tù, yóò ti òrùka náà mọ́ ẹnu ìsopọ̀ tí wọ́n gbẹ́ dà gẹ̀rẹ́. Òrùka á sún kì, á di páìpù mú, á sì dí ojú ọ̀nà. Lára òrùka yìí ni omi ti ń dúró, kì í ṣe lára tírẹ́ẹ̀dì; fífa nọ́ọ̀tù wọlé nìkan ni iṣẹ́ tírẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Téèpù tí a bá wé sí i kò dí ohunkóhun. Ó tilẹ̀ lè mú kí nọ́ọ̀tù há kó tó ti òrùka dé ibi tó yẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdí họ́ọ̀sì rírọ̀ abẹ́ báàsìnì tó ní wáṣà rọ́bà nínú: wáṣà náà ló ń dí i.

Áńgù fáàfù kan lè ní oríṣi ìsopọ̀ méjèèjì. Ká sọ pé ẹnu tó wọ ara ògiri jẹ́ ìdajì ínṣì, tó ń tín-ín-rín, tí ẹnu kejì sì ń gba páìpù bàbà mìlímítà 15 pẹ̀lú nọ́ọ̀tù àti òrùka. Téèpù ni a ó wé mọ́ ẹnu ti ògiri, a ó sì dè é títí yóò fi há, tí ẹnu kejì yóò sì kọjú síbi tí a fẹ́ láìdá a padà. Ní ẹnu kejì, a ó gé páìpù kó dọ́gba, kí a ha etí rẹ̀ kó má mú, kí a ti nọ́ọ̀tù bọ̀ ọ́, kí òrùka tẹ̀ lé e. A ó ti páìpù wọlé títí yóò fi kan ìdí, a ó fi ọwọ́ dè nọ́ọ̀tù, lẹ́yìn náà ni a ó wá fi sípánà yí i ní nǹkan bí ìyípo kan sí i. Sípánà kejì gbọ́dọ̀ di ara fáàfù mú, kí ẹnu ti ògiri má baà yí.

Lẹ́yìn tí omi bá ti dé, a ó nu ibẹ̀ gbẹ, a ó sì fi tíṣù gbígbẹ kan ojú kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnu ti ògiri bá tutù, a lè dè é sí i díẹ̀ bí ó bá ṣì gbà. Bí kò bá gbà, títú àti wíwé téèpù tuntun ló kù. Bí ó bá ṣì ń jo, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ ti ìlànà Gẹ̀ẹ́sì, kí èkejì jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ní ìdajì ínṣì, méjèèjì ní ṣóńṣó 14 nínú ínṣì kan, nítorí náà wọn a máa wọra, ṣùgbọ́n igun ṣóńṣó ọ̀kan jẹ́ dígírì 55, ti èkejì sì jẹ́ 60. Téèpù kò lè wo ìyẹn sàn. A ó pààrọ̀ ọ̀kan ni.

Bí ó bá jẹ́ ìdí nọ́ọ̀tù ló tutù, ìdá mẹ́rin ìyípo kan sí i sábà máa ń tó. Bí kò bá dáwọ́ dúró, a ó tú u wò bóyá òrùka ti há, bóyá páìpù kò wọlé dé ìdí, tàbí bóyá wọ́n gé e ní wíwọ́. Dídè é lé ara wọn láìwo inú rẹ̀ yóò tẹ páìpù bàbà wọnú, yóò sì sọ jíjo díẹ̀ di páìpù tí a gbọ́dọ̀ gé kúrò.