Súkúùkù: Èrè Lórí Owó Láìsí Èlé

Àwọn ará ìlú tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí máa ń bi wá léèrè bóyá ó tọ́ fún wọn láti ra ìwé gbèsè ìjọba tí a ń pè ní bọ́ǹdì. Lójú òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù, kò tọ́. Ẹni tí ó bá ra bọ́ǹdì ti yá ìjọba lówó, àlékún tí ìjọba sì ń san lé owó náà ni èlé, èyí tí Àlùkùránì pè ní ríbà. Ṣùgbọ́n òfin náà kò lòdì sí èrè. Ẹni tí ó ra ọjà tí ó tún un tà kò ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó kọ́ ilé tí ó ń gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé. Lórí irú owó ilé yìí ni a gbé súkúùkù kà.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló kọ́kọ́ dán an wò ní Nàìjíríà, nígbà tí ó ta súkúùkù bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ní 2013 láti fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹsàn-án 2017, pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù náírà fún títì márùndínlọ́gbọ̀n, títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà lára wọn.

Ètò rẹ̀ nìyí. Ìjọba dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan. Ilé iṣẹ́ náà gba owó lọ́wọ́ àwọn olùrà, ó sì fún wọn ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ní ìpín nínú àwọn títì náà. Ó di títì mú lórúkọ wọn, ó sì fi í háyà fún ìjọba. Owó háyà náà, tí a ń pè ní ìjárà ní èdè Lárúbáwá, ni èrè olùrà. Nígbà tí ọdún bá pé, ìjọba ra títì náà padà, owó orí sì padà sọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e yẹ̀ wò. Ìyá oníṣòwò kan ra súkúùkù 2017 yìí ní 100,000 náírà. Owó háyà rẹ̀ jẹ́ 16.47 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ìyẹn 16,470 náírà, tí wọ́n ń san ní ìdajì ìdajì: 8,235 náírà ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ó gbà á ní ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá láàárín ọdún méje, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 115,290 náírà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, 100,000 náírà rẹ̀ padà wá.

Ẹnìkan lè sọ pé orúkọ ni a pààrọ̀, pé èlé náà ni. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti aláìmọ̀kan, nítorí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn pàápàá ń jiyàn lé e lórí. Àwọn tí ó ń ṣiyèméjì sọ pé olùrà kò lè ta títì náà fún ẹlòmíràn, àti pé iye tí ìjọba yóò fi rà á padà ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Àwọn tí ó fọwọ́ sí i dáhùn pé dúkìá gidi wà láàárín, pé owó náà kò sì lè lọ síbi ọtí tàbí tẹ́tẹ́. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ó ń gba Báńkì Àpapọ̀ nímọ̀ràn ló ti fọwọ́ sí i kí a tó tà á. Ní tiwa, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó bi áàfà rẹ̀ kí ó tó ra.

Ohun tí ó yẹ kí olùrà ṣọ́ jù ni ọ̀wọ́ngógó ọjà. Owó háyà kì í yí padà. Ní oṣù Kẹta 2024, ọ̀wọ́ngógó ti ju ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lọ, síbẹ̀ 8,235 náírà náà ni ìyá wa ń gbà. Bí ó bá sì fẹ́ owó rẹ̀ kí ọdún tó pé, kò lè dá ìwé padà fún ìjọba; ọjà ìpín ìdókòòwò ni yóò ti tà á, níbi tí iye rẹ̀ lè dín sí èyí tí ó rà á.

Ẹni tí kò bá fẹ́ dúró fún ọdún púpọ̀ lè wo àwọn báńkì tí kì í gba èlé. Nínú àkáǹtì mùdárábà wọn, báńkì fi owó rẹ ṣòwò, ẹ sì pín èrè ní ìwọ̀n tí ẹ ti jọ fẹnu kò sí. Bí òwò náà bá pòfo láìjẹ́ pé báńkì ṣàìbìkítà, ẹni tí ó ni owó ló fara gbá a.

Àjọ tí ó ń bójú tó gbèsè ìjọba àpapọ̀ ló ń kéde súkúùkù tuntun, ó sì máa ń dárúkọ àwọn tí ó lè gba owó fún un. Ìwọ̀n tí ó kéré jù láti rà ti jẹ́ 10,000 náírà, lẹ́yìn èyí ẹgbẹ̀rún kan kan. Bí ẹnikẹ́ni bá fi súkúùkù lọ̀ yín, ẹ bi í pé dúkìá wo ló wà nídìí rẹ̀ àti ta ló ń san owó háyà. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, tí ó sì ń ṣèlérí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, kì í ṣe súkúùkù ló ń tà.